Tábúlẹ́ẹ̀tì Jàpáànì dé Òdogbolú: ìka ta ló ń ra nǹkan nínú géèmù?

*Ẹ kú iṣẹ́ o, bọ̀dá. Àbúrò ọkọ mi tó ń gbé ní Jàpáànì wá fún Ojúde Ọba, ó fún ọmọ mi ọmọ ọdún 8 ní tábúlẹ́ẹ̀tì Andirọ́ọ̀dù tóun fúnra ẹ̀ ti ń lò. Géèmù kan wà nínú ẹ̀ tọ́mọ yìí fẹ́ràn gan-an, àmọ́ gbogbo mẹ́nù ẹ̀ èdè Jàpáànì ni, wọ́n ń sọ̀rọ̀ nínú ẹ̀ a ò gbọ́, sọ́bútáítù ò jáde, ọmọ sì ń sọ pé ọwọ́ òun ò tó bọ́tìnì. Lọ́sẹ̀ tó kọjá àbúrò ọkọ mi pè, ó ní wọ́n ti yọ 12,000 yẹ́ẹ̀nì lórí kààdì òun, bẹ́ẹ̀ ìtẹ̀ka lòun fi ti ibi tí wọ́n ti ń sanwó. Báwo ni mo ṣe fẹ́ ṣe é? Èmi ìyá ọmọ, Òdogbolú.*

Àǹtí mi, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ kọ́kọ́ bá mi wo nǹkan kan ná: láàárọ̀, ta ló ń ṣí tábúlẹ́ẹ̀tì yẹn? Tó bá jẹ́ ọmọ yẹn ló ń fi ìka ara ẹ̀ ṣí i, ọ̀rọ̀ ti yé mi nìyẹn. Àbúrò ọkọ yín ò parọ́, ó fi ìtẹ̀ka tì í lóòótọ́, ṣùgbọ́n tábúlẹ́ẹ̀tì ò mọ ìka àgbà yàtọ̀ sí ìka ọmọdé. Ìka yòówù tí wọ́n bá ti fi pamọ́ sínú ẹ̀ láti máa fi ṣí i, ìka yẹn náà ni Google Play máa gbà tó bá ní kí èèyàn tẹ ìka kóun tó yọ owó. Ẹ̀yin lẹ fi ìka ọmọ sí i kó má báa máa yọ yín lẹ́nu pé "mọ̀mí, ẹ bá mi ṣí i", àbí? Mo ti rí i ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Fọlágbadé níbí kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì, òbí á ti ilẹ̀kùn á wá fún ọmọ ní kọ́kọ́rọ́.

12,000 yẹ́ẹ̀nì yẹn tún sọ nǹkan míì fún mi. Ọ̀pọ̀ géèmù tí wọ́n ṣe fún ará Jàpáànì, ìgbà àkọ́kọ́ téèyàn bá wọ ọjà inú ẹ̀ wọ́n á bi í pé ọdún wo ni wọ́n bí i, oṣù wo. Ẹni tí ò bá tíì pé ọdún 16, iye tí wọ́n sáà máa ń jẹ́ kó rà lóṣù kan kì í ju 5,000 yẹ́ẹ̀nì lọ, ẹni tó bá sì ti dàgbà wọn ò fi gèjíà sí tiẹ̀ rárá. Ẹ wá ṣírò ẹ̀ fún mi: ká tiẹ̀ ní ọmọ yẹn rà á níparí oṣù ó tún rà á níbẹ̀rẹ̀ oṣù kejì, 10,000 ni, kò lè dé 12,000. Tí géèmù yìí bá wà lára àwọn tó ń bèèrè ọjọ́ orí, a jẹ́ pé lójú tiẹ̀ àgbàlagbà ló ń ta géèmù. Àbúrò ọkọ yín ló ti dáhùn ìbéèrè yẹn látijọ́ tóun fúnra ẹ̀ ń ta á, ó fi ọjọ́ ìbí ara ẹ̀ sí i, ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tẹ́ẹ bá ti fi í sílẹ̀, púpọ̀ nínú wọn kì í jẹ́ kéèyàn yí i padà fúnra ẹ̀, ó di kẹ́ẹ kọ̀wé sí àwọn tó ni géèmù. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ní sọ pé kẹ́ẹ máa wá gèjíà owó nínú géèmù yẹn. Níta la máa tì í, lórí ákáúǹtì.

Ẹ má tíì yọ nǹkan kan o, ẹ má ṣe ohun tí mo mọ̀ pó ń ṣe yín báyìí, pé kẹ́ẹ kúkú pa géèmù yẹn rẹ́ ká sinmi. Géèmù Jàpáànì ò dà bí èyí tá a mọ̀ tí gbogbo nǹkan máa ń padà wá fúnra ẹ̀. Téèyàn bá pa á rẹ́ tí kò tíì gba kóòdù, ibi tó ta á dé lè lọ pátápátá, ọmọ á sunkún dọ́jọ́ Àìkú. Kóòdù yẹn ni wọ́n ń pè ní 引き継ぎコード, ó máa ń wà nínú mẹ́nù tàbí lójú ìwé àkọ́kọ́ kéèyàn tó wọ géèmù. Ẹ wá ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 引き継ぎ, ẹ tẹ̀ ẹ́, tó bá ní kẹ́ẹ dá páswọ́ọ̀dù ẹ dá a, kẹ́ẹ wá da méjèèjì kọ sórí pépà, kẹ́ẹ tún fi fóònù yín ya àwòrán ẹ̀. Níbi tẹ́ẹ ti ń wá a kiri ẹ ṣọ́ra fún 削除 o. Ọ̀rọ̀ méjì yẹn bá dúró pọ̀, pípa rẹ́ ló ń sọ, bóyá ti dátà ni bóyá ti ákáúǹtì ni, ẹ má fọwọ́ kàn án. はい ni bẹ́ẹ̀ni, いいえ ni bẹ́ẹ̀kọ́. Tẹ́ẹ bá ti dé ibi tí ò yé yín, いいえ ni kẹ́ẹ tẹ̀, tàbí kẹ́ẹ fi bọ́tìnì ìpadàsẹ́yìn ti tábúlẹ́ẹ̀tì jáde.

Ó yá, ọ̀rọ̀ èdè. Tábúlẹ́ẹ̀tì la ó kọ́kọ́ yí ká tó fojú kan géèmù, torí tí tábúlẹ́ẹ̀tì bá ti di Gẹ̀ẹ́sì, Play Store náà á di Gẹ̀ẹ́sì, iṣẹ́ owó tó ń bọ̀ nísàlẹ̀ á rọrùn. Ẹ tẹ àmì kẹ̀kẹ́ eléyín, orúkọ ẹ̀ ni 設定. Ẹ fà á lọ sísàlẹ̀ títí ẹ ó fi rí システム, ẹ wọ inú ẹ̀, ẹ wá 言語, ó sáà máa ń ní àmì ayé roboto lẹ́gbẹ̀ẹ́. Níbẹ̀ ẹ fi English kún un kẹ́ẹ sì fà á gòkè kó di àkọ́kọ́. Ẹ ò nílò kẹ́ẹ mọ Jàpáànì láti rí i, orúkọ èdè kọ̀ọ̀kan ni wọ́n máa ń fi èdè yẹn fúnra ẹ̀ kọ, English á jókòó síbẹ̀ ní lẹ́tà ABD tiwa, láàárín 日本語 àti 한국어. Àwọn géèmù kan wà, kẹ́ẹ tó padà dé inú wọn wọ́n ti yí ara wọn padà, iṣẹ́ parí. Tábúlẹ́ẹ̀tì tó bá ń lo Andirọ́ọ̀dù 13 sókè tún ní ibi tí wọ́n ń pè ní App languages níbi èdè yẹn kan náà, ẹ lè mú géèmù yẹn nìkan kẹ́ẹ yan èdè fún un, ṣùgbọ́n tí géèmù yẹn ò bá ṣètò ara ẹ̀ fún un ẹ ò ní rí orúkọ ẹ̀ níbẹ̀.

Tó bá ṣì ń sọ Jàpáànì, ẹ wọ 設定 tiẹ̀ nínú géèmù, àwọn míì ń pè é ní オプション. Ibí yìí ló ti máa ń dàrú mọ́ àwọn èèyàn lójú, torí èdè méjì ló sáà máa ń wà níbẹ̀, kì í ṣe ẹyọ kan: èyí tí wọ́n ń kọ, テキスト, àti èyí tí wọ́n ń sọ lẹ́nu, ボイス tàbí 音声. Èyí tí wọ́n ń kọ ni kẹ́ẹ yí sí English. Ẹ fi ohùn sílẹ̀ bó ṣe wà, ohùn Gẹ̀ẹ́sì tó bá tiẹ̀ wà á tún jẹ dátà rẹpẹtẹ, ọmọ yín sì lè ti fẹ́ràn bí wọ́n ṣe ń pariwo ní Jàpáànì yẹn. Yíyí ohun tí wọ́n ń kọ náà lè mú kó fẹ́ gba dátà kó sì padà sójú ìwé àkọ́kọ́, ẹ má bẹ̀rù, ẹ ṣáà rí i pé orí wáìfáì lẹ wà.

Sọ́bútáítù fúnra ẹ̀ ni 字幕. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ yẹn dà bí òrùlé kékeré tí ọmọ kan dúró sábẹ́ ẹ̀, ẹ fi dámọ̀ ọ́n. Níwájú ẹ̀ ẹ máa rí オン àti オフ. Ẹ wo lẹ́tà kejì: èyí tó dà bí nọ́ńbà 7 yẹn, フ, ìyẹn ni pé wọ́n ti pa á, èkejì ni pó ń ṣiṣẹ́. Ẹ fi sí オン. Tẹ́ẹ bá rí 大 中 小 nítòsí ẹ̀, títóbi lẹ́tà nìyẹn, 大 tó dà bí ẹni tó ya ẹsẹ̀ tó na apá ni èyí tó tóbi jù, òun lẹ fẹ́ fún ọmọ ọdún 8. Bẹ́ẹ bá tàn án tó jáde ṣùgbọ́n tó ń kọ Jàpáànì síbẹ̀, ẹ ò ṣe àṣìṣe kankan, èdè テキスト yẹn ni ò tíì yí, ẹ padà lọ wò ó. Tẹ́ẹ bá sì wá géèmù yẹn títí tí kò sí English nínú ẹ̀ níbì kankan, kò sí bọ́tìnì tó fẹ́ dá a sílẹ̀, wọn ò kọ ọ́ sínú ẹ̀ ni. Lójú tèmi o, ẹ wá géèmù míì fún ọmọ yẹn nígbà yẹn, kó má jẹ́ pé ohun tó ń tẹ̀ láìmọ̀ ọ́n kà ló tún máa kó wa sí wàhálà, torí ọ̀pọ̀ ohun tí ọmọdé ń rà nínú géèmù, wọn ò mọ̀ pé ríra làwọn ń ra nǹkan.

Ti bọ́tìnì ò le. 操作 lẹ ń wá. Tí 感度 bá wà níbẹ̀, bó ṣe ń sáré gbọ́ ìka nìyẹn, ẹ fà á sẹ́yìn díẹ̀ fún ọmọdé. ボタン配置 ló jẹ́ kẹ́ẹ lè fi ìka wọ́ bọ́tìnì láti ibì kan síbòmíì, tábúlẹ́ẹ̀tì fẹ̀ ju ọwọ́ ẹ̀ lọ, ẹ kó wọn kúrò ní igun wá síbi tí àtàǹpàkò ẹ̀ tó dé, kọ́mọ fúnra ẹ̀ dì í mú bẹ́ẹ ṣe ń ṣe é. Tó bá ń lo ọwọ́ òsì ẹ wo 左利き. Lẹ́yìn náà ẹ tẹ 保存 kẹ́ẹ tó jáde, àìtẹ̀ ẹ́ ló ń jẹ́ káwọn èèyàn sọ pé "mo ṣe é, ó tún padà".

Ó wá ku owó, ibi tó ká wa lára, ọmọ Ìjẹ̀bú kì í fi í ṣeré. Wọ́n ní ṣílè ò tíì dé tá a ti ń ná pandóro, ká wá jẹ́ kí ọmọ ọdún 8 máa fi ìka ná yẹ́ẹ̀nì!

Ákáúǹtì àbúrò ọkọ yín ló ṣì wà nínú tábúlẹ́ẹ̀tì yẹn, kààdì ẹ̀ wà lórí ẹ̀. Èyí tó dáa jù ni kí ákáúǹtì yẹn kúrò níbẹ̀, kẹ́ẹ fi Family Link, áàpù tí Google ṣe fáwọn òbí, dá ti ọmọ sílẹ̀ lábẹ́ tiyín, kẹ́ẹ sì yàn pé gbogbo ohun tó bá fẹ́ rà kó wá bèèrè lọ́wọ́ yín lórí fóònù yín kó tó ṣeé rà. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ wo nǹkan kan. Ẹ mú fóònù tiyín, ẹ wá géèmù yẹn lórí Play Store tiyín. Tẹ́ẹ bá rí i tó jẹ́ òun gangan, ó ti dáa. Tó bá sọ pé "This item isn't available in your country" tàbí tẹ́ẹ ò tiẹ̀ rí i, a jẹ́ pé Jàpáànì nìkan ni wọ́n ń tà á sí, ọjọ́ tẹ́ẹ bá yọ ákáúǹtì yẹn géèmù ò ní rí ọ́pdéètì gbà mọ́, láìpẹ́ kò ní ṣí mọ́. Ìgbà míì ẹ máa rí èyí tó jọ ọ́ tó jẹ́ ti gbogbo ayé, ní Gẹ̀ẹ́sì. Ó dáa fún ọmọ, kódà òun ni mo fẹ́ kẹ́ẹ mú, àmọ́ kóòdù 引き継ぎ tá a kọ sílẹ̀ yẹn kì í sábà ṣiṣẹ́ níbẹ̀, sáfà wọn, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú ibi téèyàn ta á dé, yàtọ̀ síra, ọmọ á bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ sọ fún un ṣáájú. Ẹ má sì jẹ́ kẹ́nikẹ́ni bá yín fi Búlútúùtù gbé e wọlé tàbí kó wá a níbòmíì tí kì í ṣe Play Store, torí gbogbo títì tá a fẹ́ tì yìí, Google Play nìkan ló ń tì, géèmù tó bá ń gba nọ́ńbà kààdì fúnra ẹ̀ ti kọjá ibi tí ọwọ́ wa tó.

Tó bá jẹ́ pé ákáúǹtì ti Jàpáànì ló máa dúró, nǹkan mẹ́ta ni. Àkọ́kọ́, kí àbúrò ọkọ yín fúnra ẹ̀ yọ kààdì ẹ̀, nínú Play Store tiẹ̀ níbi tí wọ́n ń pè ní Payments & subscriptions, lẹ́yìn náà Payment methods. Kààdì tí ò sí, kò sẹ́ni tó lè yọ owó ẹ̀. Bó bá ní òun nílò kààdì yẹn lórí ákáúǹtì, ẹ lọ sí èkejì. Ẹ ṣí Play Store lórí tábúlẹ́ẹ̀tì ọmọ, ẹ tẹ àwòrán tó wà lókè lápá ọ̀tún, ẹ wọ Settings, ẹ wá Purchase verification, lórí àwọn tó ti pẹ́ díẹ̀ inú Authentication ló wà. Ẹ pa Biometric verification, ìtẹ̀ka yẹn nìyẹn, kẹ́ẹ wá fi èkejì sí Always, pé gbogbo ìgbà ni kó máa bèèrè páswọ́ọ̀dù. Èyí tó sọ pé ìṣẹ́jú 30 yẹn, ẹ fi sílẹ̀, lẹ́yìn tẹ́ẹ bá ti tẹ páswọ́ọ̀dù lẹ́ẹ̀kan ọmọ ní ìṣẹ́jú 30 láti ra gbogbo ọjà. Páswọ́ọ̀dù àbúrò ọkọ yín ló máa bèèrè, kó má sọ ọ́ fún yín bó bá ṣeé ṣe, ohun tẹ́ẹ ò bá mọ̀ ọmọ ò lè yọjú wò ó lórí èjìká yín. Orí tábúlẹ́ẹ̀tì yẹn nìkan ni ètò yìí wà o, tí ákáúǹtì yẹn bá tún wà lórí fóònù míì nílé, ẹ ṣe é níbẹ̀ náà. Ẹ̀kẹta, ìka ọmọ: ẹ wọ Settings tábúlẹ́ẹ̀tì, níbi Security, ẹ yọ ọ́, ẹ fún un ní nọ́ńbà táá máa fi ṣí i.

Ẹ máa rí ohun kan tí wọ́n ń pè ní Set budget nínú Play Store náà. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé gèjíà ni. Kì í ṣe gèjíà. Á kàn máa sọ fún yín pé owó ti ń sún mọ́ iye tẹ́ẹ kọ ni, kò ní dá ẹnikẹ́ni dúró.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pó ti tì? Ẹ wọ ọjà inú géèmù, ẹ tẹ èyí tí owó ẹ̀ kéré jù, tẹ́ẹ rí ¥ lára ẹ̀. Pépà kékeré Google Play á yọ láti ìsàlẹ̀. Tó bá ní kẹ́ẹ kọ páswọ́ọ̀dù, ó ti dáa, ẹ jáde. Tó bá ń fi àmì ìka hàn, Biometric yẹn ṣì ń ṣiṣẹ́. Tó bá kàn gbé bọ́tìnì ìsanwó fún yín láìbèèrè nǹkan kan, ẹ má tẹ̀ ẹ́, ẹ padà lọ wò ó bóyá Always ló wà.

Ẹ fi sọ́kàn pé owó gidi tó ń di òkúta, ìyẹn owó àfiṣeré inú géèmù, ni títì yìí ń dá dúró. Òkúta tó ti wà nínú ẹ̀, ọmọ lè ná an tán sórí ガチャ, tẹ́tẹ́ oríire inú géèmù, láìsí páswọ́ọ̀dù kankan. Géèmù Jàpáànì sáà máa ń pín òkúta sí méjì, 有償 tí wọ́n fowó rà àti 無償 tí wọ́n fún un lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ wo iye 有償 tó kù, kẹ́ẹ sì gba tábúlẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ ẹ̀ fúngbà díẹ̀, torí ó kan owó tá a fẹ́ bèèrè padà. Wákàtí 48 àkọ́kọ́ ló rọrùn jù láti bèèrè owó padà lọ́wọ́ Google, ó sì ti kọjá lórí tiyín. Síbẹ̀ kí àbúrò ọkọ yín wọ ojú ìwé Google Play kó fi í sílẹ̀ níbẹ̀ pé ọmọ ẹbí ló rà á láìmọ̀, Google gbà kéèyàn fi irú ẹ̀ wá, tí wọn ò bá sì dá owó padà kó kọ̀wé sáwọn tó ṣe géèmù, àdírẹ́sì wọn wà lójú ìwé géèmù lórí Play Store. Òun gan-an ló gbọ́dọ̀ kọ ọ́, ákáúǹtì ẹ̀ ni, ìwé ẹ̀rí ìsanwó inú ímeèlì ẹ̀ ló wà, nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú GPA ni wọ́n máa bèèrè. Tí òkúta 有償 bá ṣì wà níbẹ̀ láìná, ọ̀rọ̀ ẹ̀ á lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ju ti ẹni tó ti ná gbogbo ẹ̀ tán lọ.

Ẹ ṣe gbogbo iṣẹ́ Play Store yìí lórí ìpè fídíò pẹ̀lú ẹ̀, torí òun ló ní páswọ́ọ̀dù. Wákàtí 8 ni Jàpáànì fi ṣáájú wa. Ẹ má dúró dìgbà tẹ́ẹ bá jẹ ìkókórè alẹ́ tán kẹ́ẹ tó pè é ní aago mẹ́sàn-án, aago márùn-ún ìdájí ni lọ́dọ̀ tiẹ̀. Aago kan ọ̀sán níbí ni kẹ́ẹ pè, ìyẹn aago mẹ́sàn-án alẹ́ níbẹ̀, á ti ti ibiṣẹ́ dé.